Ara ríro kọ́ ni iṣan títóbi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni ní jíìmù, oníbàárà á bi yín pé, "Kóòṣì, ara ò ro mí láti àná o, àbí iṣẹ́ yẹn ò wọlé ni?" Ẹ má tìtorí ìyẹn fi kún ìyà rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà pé ó ń mú iṣan tóbi: bí iṣan ṣe ń fà gan-an nígbà tó bá ru ẹrù, títa àti wíwú tó máa ń bá a bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, àti ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí iṣẹ́ dá sí i. Wọn ò dọ́gba rárá.

Ọgbẹ́ ló ń tanni jù. Ní São Paulo, àwọn onímọ̀ kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé irin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọgbẹ́ pọ̀ jù, ọjọ́ náà ni iṣan wọn sì ṣe purotéènì tuntun jù. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn ò bá bí iṣan ṣe tóbi nígbẹ̀yìn mu, torí àtúnṣe ló gbà á lọ. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ń wó lójoojúmọ́, ìgbà wo ló máa ráyè kọ́ yàrá kún ilé? Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ọgbẹ́ ti dín kù, ni purotéènì náà wá ń lọ síbi títóbi.

Ní ti títa, ó ní ohun tó ń ṣe, àmọ́ ẹ̀yìn ẹrù ló ń tọ̀. Ní 2012, ní Kánádà, wọ́n fi itan dánra wò: ẹsẹ̀ kan ń gbé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òmíràn ń gbé ìdá 30, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́ta, títí tí kò fi lè gbé e mọ́. Itan méjèèjì tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo fúnni lágbára jù. Ìdí rèé: fọ́nrán kéékèèké inú iṣan ni ara kọ́kọ́ ń lò. Bó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, á pe àwọn ńlá wá, àwọn náà á sì fà gidigidi. Bí oníbàárà bá dáwọ́ dúró gẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, àwọn ńlá lè máà tíì ṣiṣẹ́ rárá.

Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó ń lóṣòó pẹ̀lú 60 kílò, ní ìgbà mẹ́jọ, tó ku bí ẹyọ méjì tí ì bá tún lè ṣe, ẹ jẹ́ kó dé méjìlá kí ẹ tó fi 2.5 kílò kún un. Bí iye tó ń gbé bá ń já wálẹ̀, tí ẹsẹ̀ ṣì ń ro ó lọ́jọ́ kẹrin, ẹ yọ sẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì kúrò. Tí ìtọ̀ rẹ̀ bá wá dúdú bíi kóòkì, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, torí iṣan tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́.