Owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó ìlò lọ́tọ̀

Ìbéèrè tí oníbàárà kọ́kọ́ máa ń bi wá ni pé, "Èló lẹ ń yà á?" Iye kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dá lóhùn, ibẹ̀ sì ni àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń fi fọ́tò ènìyàn ya àwòrán ojú, ìbáà ṣe fẹ́kítọ̀ tàbí kátúùnù, nǹkan méjì la ń tà pọ̀: iṣẹ́ ọwọ́ wa, àti ààyè láti lo àwòrán náà. Ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ pálọ̀ àti ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá tí ó fi ń di ọjà fún oníbàárà kò ra ohun kan náà, bí wákàtí tí a fi yà á tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n bèèrè ibi tí wọ́n máa lò ó kí n tó dárúkọ owó.

Ẹ jẹ́ ká mú Àlàájà kan tó ń ta aṣọ òkè nílùú Ìlọrin. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́, ó wé gèlè, ó sì ní òun fẹ́ àwòrán fún ọjọ́ ìbí òun. Mo ṣírò owó iṣẹ́ báyìí: ojú àti ìlà rẹ̀ wákàtí méjì, àwọ̀ àti òjìji wákàtí méjì, gèlè àti aṣọ wákàtí méjì. Ẹ má fojú kéré gèlè o. Ìlà aṣọ òkè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìṣẹ́po gèlè, kí ó tẹ̀ níbi tí aṣọ ti tẹ̀, kí ó fara pamọ́ níbi tí aṣọ ti wọ abẹ́ ara wọn. Bí a bá kàn lẹ ìlà náà gbọọrọ lé e, gèlè yóò dà bí bébà tí wọ́n wé mórí. Wákàtí mẹ́fà ní ₦3,000 jẹ́ ₦18,000. Mo fi ₦2,000 kún un fún iná àti dátà, ó di ₦20,000. Kí kálukú fi iye wákàtí tirẹ̀ sí i. Ọ̀nà ìṣírò ni kó mú.

₦20,000 yẹn ní ìlò ti ara ẹni nínú: ògiri ilé, dípì Wáásáàpù, káàdì ìpè, fífi ránṣẹ́ sí ẹbí. Bí Àlàájà bá wá ní òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára ife ọgọ́rùn-ún tí òun máa pín fún àlejò, kì í ṣe ọjà títà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti pọ̀. Mo máa ń fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ kún un, ìyẹn ₦6,000. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ kó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀rá òun, àwòrán náà ti ń bá a pa owó. Níbẹ̀ ni mo ti ń gba iye owó iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ₦20,000 fún ọdún kan, mo sì ń dárúkọ pátákó àti ọ̀rá nìkan. Lógò ni mo yà sọ́tọ̀. Lógò máa ń bá òwò gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyọ̀ǹda ọdọọdún yóò kàn máa dí oníbàárà lọ́wọ́ ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátá ni mo máa ń tà ní ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́, ₦60,000, kí ó lè lò ó bó ṣe wù ú.

Òfin wà lẹ́yìn ètò yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó ya iṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, kódà bí ẹlòmíràn bá sanwó kí ó tó yà á, àfi tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ míràn sílẹ̀. Ìyọ̀ǹda lásán lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà "mo gbà" lórí Wáásáàpù tó. Àmọ́ títa ẹ̀tọ́ pátá, tàbí ìyọ̀ǹda tí ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ní irú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Bébà ni mo máa ń tẹ èyí sí, a óò sì fọwọ́ sí i.

Òfin kan náà dáàbò bo oníbàárà. Ẹni tó ní kí a ya àwòrán òun fún ìlò ilé lè dá wa dúró kí a má gbé e jáde fún ará ìta. Nítorí náà, ẹ má gbé e sójú ìkànnì yín láìbèèrè. Nílùú wa níbí, obìnrin lè fi fọ́tò tó yà láìborí nínú ilé ránṣẹ́, torí ó fọkàn tán ẹ. Ojú ẹbí rẹ̀ nìkan ló yà á fún.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ tún ní ẹni tó ni ín. Bí oníbàárà bá fi fóònù ara rẹ̀ yà á, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá rí orúkọ kékeré ní igun rẹ̀, tàbí aṣọ ẹ̀yìn àti iná sítúdíò, ẹ béèrè ẹni tó yà á, torí ayafọ́tò ló ni ẹ̀tọ́ ibẹ̀. Mo máa ń ní kí oníbàárà gba ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ayafọ́tò náà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Fún pátákó àti ọ̀rá, n kì í bẹ̀rẹ̀ láìrí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi ránṣẹ́ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwòrán ojú kan, ₦20,000. Ẹ ó san ₦12,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀, ₦8,000 kí n tó fi fáìlì ránṣẹ́. Àtúnṣe méjì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan nígbà tí mo bá fa ìlà tán, ọ̀kan lẹ́yìn àwọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ fọ́tò lẹ́yìn ìlà, ₦10,000 ló máa kún un. Ìlò rẹ̀: ilé, dípì, káàdì ìpè. Kò kan ife, ọ̀rá, pátákó tàbí lógò. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ẹ bá fẹ́ èyíkéyìí. Bí ẹ bá gba ètò yìí, ẹ fèsì 'mo gbà'. Ẹ tún sọ fún mi bóyá mo lè fi hàn lójú ìkànnì mi."

Àwòrán ìwò tí mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn kì í ju 1000 píksẹ́lì lọ, orúkọ mi á sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn owó, JPEG 2480 × 3508 ni mo ń fún ẹni tó fẹ́ ìlò ilé, ó tó tẹ̀ dáadáa lórí bébà A4. Fáìlì tí mo fi yà á kì í kúrò lọ́wọ́ mi, àfi bí wọ́n bá ra ẹ̀tọ́ pátá. Bí oníbàárà bá wá sọ pé, "Àwọn tó ń tẹ̀wé ní kí n gba fáìlì gidi lọ́wọ́ yín," ìlò ti yí padà nìyẹn. Pátákó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ jẹ́ ínǹṣì 96. Bí wọ́n bá na JPEG yẹn dé ibẹ̀, nǹkan bíi píksẹ́lì 36 péré ló máa bọ́ sí ínǹṣì kan, etí ojú yóò sì máa hàn ní págunpàgun fún ẹni tó bá dúró nítòsí.

Bí ẹ bá rí àwòrán yín lára ọ̀rá tí ẹ ò gba owó rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sójú ìkànnì. Ẹ pe Àlàájà, ẹ kí i tán, kí ẹ sọ pé, "Mo rí i pé àwòrán wa ti dé ara ọ̀rá, ẹ kú oríire o. Ìlò yẹn ò sí nínú ohun tí a jọ sọ. ₦20,000 ni fún ọdún kan." Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó fèsì sí ránṣẹ́ sí i padà, kí ó lè kà á fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti sanwó, ẹ kọ ọjọ́ tí ọdún náà máa pé sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín, kí ẹ sì rán an létí ní oṣù kan ṣáájú, kí ó tó tún tẹ ọ̀rá mìíràn.