"Èló ni?": bí mo ṣe kọ́ láti tún àkọlé ojú ewé kọ, kí n sì wọn èrè rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ń bójú tó ìkànnì àwọn oníṣòwò ní Ìbàdàn, mo lọ bá Alhaja kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Gbàgí. Aṣọ-òkè ni wọ́n ń tà. Mo sọ fún wọn pé àkọlé tuntun tí mo kọ sí ojú ewé fìlà wọn ti sọ iye àwọn tó ń ti orí Google wọlé di ìlọ́po méjì. Inú wọn dùn, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ẹni 3 ló ń wọlé tẹ́lẹ̀ lóṣù, ó di 7. Nígbà tí oṣù mìíràn parí, ó ti padà sí 4, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Mo padà lọ sọ òótọ́ fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò ní í sọ fún oníbàárà mọ́ pé àkọlé kan ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé mo lè fi hàn án.

Ojú ewé mìíràn lára ìkànnì Alhaja yìí kan náà ni mo ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun ni mo fẹ́ mú yín gbà kọjá. Ojú ewé aṣọ-òkè ìgbéyàwó ni. Àkọlé rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Google máa ń gbé jáde kí ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, nìyí:

```html
<title>Aso Oke | Home of Quality Fabrics</title>
```

Mo ṣí Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí ìkànnì wa níbi ìwákiri, mo wọ Performance, mo fi àmì sí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè: Clicks, Impressions, CTR àti Position. Clicks ni iye ìgbà tí wọ́n tẹ ojú ewé wa. Impressions ni iye ìgbà tó fara hàn fún ẹni tó ń wá nǹkan. CTR ni ti àkọ́kọ́ tí a fi ti ìkejì pín. Position sì ni ipò tí a wà nínú àbájáde, ní ìpíndọ́gba. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Pages, mo tẹ ojú ewé yẹn, kí n tó wá lọ sí Queries. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà. Bí ẹ bá ṣí Queries láìkọ́kọ́ yan ojú ewé, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ láti rí gbogbo ìkànnì lápapọ̀ ni ẹ máa rí, ẹ kò ní í mọ èyí tó jẹ́ ti ojú ewé tí ẹ fẹ́ tún ṣe.

Láàárín ọjọ́ 28, ojú ewé náà fara hàn ní ìgbà 9,400, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 122. Èyí jẹ́ 1.3%. Ọ̀pọ̀ nínú yín á sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ó kéré sí kí ni? Ẹni tó wà ní ipò kejìlá kò lè retí ohun tí ẹni ipò kejì ń rí, àtẹ ìdá tí wọ́n sì ń pín kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ipò báyìí gbọ́dọ̀ mú iye báyìí wá kì í ṣe ti ọjà aṣọ-òkè. Inú ìkànnì tiyín gan-an ni kí ẹ ti wá ohun tí ẹ máa fi ṣe ìfiwéra. Mo wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rí ojú ewé yẹn, mo wá méjì tí ipò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. "aso oke for couple" wà ní ipò 4.8, ó fara hàn ní ìgbà 640, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 35, ìyẹn 5.5%. "aso oke price in ibadan" wà ní ipò 4.6, ó fara hàn ní ìgbà 1,200, ẹni 18 péré ló tẹ̀ ẹ́: 1.5%. Ojú ewé kan náà ni, àkọlé kan náà, ipò kan náà ká sọ. Àwọn tó wá ti àkọ́kọ́ ń wọlé, àwọn tó wá ti ìkejì ń kọjá lọ.

Mo gbé fóònù lọ fi han Alhaja. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni 'Èló ni?' Ta ló ń bèèrè bóyá ó jẹ́ ojúlówó kó tó mọ iye rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ẹni tó tẹ "price" rí àkọlé tí kò dá a lóhùn, ó bá kọjá sí ẹnìkejì. Iye owó wà nínú ojú ewé wa o, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́yìn àwòrán mọ́kànlá. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan àkọlé, mo bẹ Alhaja kí wọ́n ka iye gèlè, fìlà, agbádá àti ti ọkọ pẹ̀lú ìyàwó fún mi, mo sì kó o sókè. Àkọlé tó bá ṣèlérí iye owó tí ojú ewé kò sì fi hàn, ṣe ló ń tan oníbàárà wọlé, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kọ èyí:

```html
<title>Aso Oke Price in Ibadan: Gele, Fila, Agbada, Couple Sets</title>
```

Ohun tí àwọn ènìyàn ń wá ló ṣáájú, torí pé Google máa ń gé àkọlé tó bá gùn jù lórí fóònù, ìparí ló sì máa ń gé. Kì í ṣe iye lẹ́tà ló ń wò, ààyè tí ọ̀rọ̀ gbà lójú fóònù ni.

Àpèjúwe, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń wà lábẹ́ àkọlé nínú àbájáde Google, ńkọ́? N kò fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí méjèèjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí iye bá gòkè, ẹ kò ní í mọ èyí tó gbé e gòkè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àpèjúwe yín tiẹ̀ ń jáde. Google sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ tó mú látinú ojú ewé fúnra rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nígbà tó bá rí i pé èyí bá ohun tí wọ́n ń wá mu jù. Nígbà tí mo tẹ "aso oke price in ibadan" lórí fóònù, gbólóhùn kan láti àárín ojú ewé ló wà lábẹ́ orúkọ wa, kì í ṣe èyí tí mo kọ sínú `meta name="description"`. Ká ní mo lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àpèjúwe náà ni, asán ni ì bá já sí fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ìpínrọ̀ tí wọ́n ń mú jáde ni mo padà wá tún kọ lẹ́yìn oṣù méjì, mo sì wọn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àkọlé náà, Google lè yí i padà, ó lè mú ọ̀rọ̀ inú `h1`, àkọlé ńlá tó wà nínú ojú ewé fúnra rẹ̀, dípò. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré kí ẹ fi sílẹ̀, torí pé ìwákiri tiyín náà wọ inú Impressions, ẹ má lọ máa fi ọwọ́ ara yín ba ìwọ̀n jẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ yí àkọlé kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ tí Google padà wá ka ojú ewé, tí àkọlé tuntun sì ti hàn, ni. Ẹ fi àdírẹ́sì ojú ewé sínú URL Inspection, ẹ tẹ Request indexing, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹ padà wo Last crawl, ìyẹn ọjọ́ tí Google kà á kẹ́yìn. Àwọn ọjọ́ tó wà láàárín, ẹ yọ wọ́n kúrò. Mo mú ọjọ́ 28 ṣáájú, mo mú ọjọ́ 28 lẹ́yìn, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni, iye Sátidé inú rẹ̀ sì dọ́gba. Bí ẹ bá fi ọjọ́ 30 wé ọjọ́ 30, òpin ọ̀sẹ̀ lè pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nínú òwò aṣọ ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo lo Compare, àyà mi sì já. Ojú ewé náà ti fara hàn ní ìgbà 15,100, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 193, CTR rẹ̀ ṣì jẹ́ 1.3%. Ká ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni, ǹ bá ti dá àkọlé àtijọ́ padà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo wọ Queries. "aso oke price in ibadan" fara hàn ní ìgbà 1,260, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 49. 3.9% nìyẹn, ipò 4.5. Kí ló wá fa àpapọ̀ sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tuntun ni: "agbada styles for men". Nítorí pé mo kọ agbádá sínú àkọlé, Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá han àwọn tó ń wá àwòrán àrà tí wọ́n ń dá lágbádá, ní ipò 17. Ó fara hàn ní ìgbà 4,300, ẹni 6 ló tẹ̀ ẹ́. Ìfarahàn tí a kò wá yìí ló bo èrè náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fi CTR gbogbo ojú ewé dá àkọlé lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tìtorí rẹ̀ yí i padà ni kí ẹ wò, ẹ sì rí i dájú pé ipò rẹ̀ kò yí padà. Ká ní ó ti gòkè láti 4.6 sí 2, ipò yẹn nìkan lè mú ìtẹ̀ pọ̀ sí i, n kò sì ní í lè sọ pé àkọlé ni.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kì í ṣe èèṣì? Bí ìfarahàn ìgbà méjèèjì bá súnmọ́ra, mo máa ń ṣe ìṣirò kékeré yìí:

```
(49 - 18) / √(49 + 18) = 31 / 8.2 = 3.8
(7 - 3)   / √(7 + 3)   = 4 / 3.2  = 1.3
```

Ìlà kejì ni ti fìlà tí mo fi mú inú Alhaja dùn lásán nígbà yẹn. Bí èsì bá kéré sí 2, ó lè jẹ́ èèṣì, n kì í sọ nǹkan kan fún oníbàárà, mo máa ń dúró kí ìtẹ̀ pọ̀ sí i. Ìkejì, ṣé kì í ṣe pé àsìkò ìgbéyàwó dé? Mo wo ojú ewé mẹ́ta tí n kò fọwọ́ kàn, ti àdìrẹ, ti àǹkárá àti ti lẹ́ẹ̀sì, mo mú àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn tó ní "price" tí wọ́n sì wà láàárín ipò 4 sí 6. CTR wọn jẹ́ 2.6% ṣáájú, 2.7% lẹ́yìn. Bí àsìkò bá ni, wọn ì bá ti gòkè pẹ̀lú wa. Èyí kò tíì tó ẹ̀rí ilé ẹjọ́, nítorí Google kò jẹ́ kí a fi àkọlé kan han ìdajì àwọn ènìyàn kí a fi òmíràn han ìdajì yòókù. Ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tó dára jù tí irú ìkànnì kékeré báyìí lè ní.

Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ìtẹ̀ inú àtẹ Queries kò bá pé iye tó wà lókè. Search Console máa ń fi ọ̀rọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ péré fi wá nǹkan pamọ́ nítorí àṣírí wọn. Ti Alhaja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: àkọlé àtijọ́, tuntun, ọjọ́ tí Google kà á, ọ̀rọ̀ tí mo ń ṣọ́, ipò rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agbádá fún Alhaja, wọ́n ní, "Ṣé àwọn tó ń wá àrà yẹn kò ní í ra aṣọ ni?" Wọ́n pe télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbé agbádá mẹ́jọ jáde, mo ya wọ́n ní fọ́tò. Ojú ewé tirẹ̀ ti wà báyìí, mo sì ti yọ agbádá kúrò nínú àkọlé àkọ́kọ́. Ọjọ́ kọkànlá la wà nínú 28.