Ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo tún ẹ́séè bàólójì kan máàkì lẹ́ẹ̀kejì

Ọjọ́ kejì tí mo pín ìwé ìdánwò ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni máàkì 11 mi lọ?" Mo wo ìwé yẹn látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tí mo lè fọwọ́ tọ́ka sí. Mo ti kọ 9 nínú 20 síwájú ẹ̀, àmọ́ kò sí ìlà kankan nínú ẹ̀ tó fi hàn bí mo ṣe dé 9. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an torí mo mọ̀ pé ọmọ náà kàwé. Mo ní kó jẹ́ kí ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì mú ìwé ẹlòmíì tí mo fún ní 16 kún un, mo bá jókòó tì wọ́n.

Ìbéèrè náà ni pé kí wọ́n fi àwòrán tó ní lébẹ́ẹ̀lì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà tí wọ́n bá gbé e sínú omi iyọ̀ tó le. Mo pín 20 yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta: 5 fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀, 6 fún àwòrán, 9 fún àlàyé. Kí n tó máàkì ló yẹ kí n ti pín in o, mi ò pín in nígbà àkọ́kọ́, mo kàn ń kà á lọ ni mo sì ń wo bó ṣe gùn tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni mo ń wá: ọsimósíìsì tó jẹ́ bí omi ṣe ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, awọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá àmọ́ tó ń dá iyọ̀ dúró, wọ́tà poténṣà tó ń sọ ibi tí omi máa gbà lọ, fíláásìdì, àti pilasimolísíìsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 9 kọ pilasimolísíìsì láìpé, lẹ́tà méjì ló ṣì, mo sì ti fa igi pupa lé e lórí. Àṣìṣe mi nìyẹn. Tí sípẹ́lì bá bàjẹ́ àmọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ míì, ó yẹ kó gba máàkì. Ibi tí mi ò ti ní gbà á ni ibi tí lẹ́tà kan lè sọ ọ́ di nǹkan míì pátápátá, irú bíi máítósíìsì àti mẹ́íósíìsì, tàbí gúlúkágọ̀nù àti gúláíkójìnì, torí ẹni tó bá kọ nǹkan tó wà láàrin méjèèjì, a ò mọ èyí tó ní lọ́kàn.

Ẹni tó gba 16 kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó tiẹ̀ fàlà sábẹ́ wọn, ìyẹn ló tàn mí. Nígbà tí mo tún un kà, ó ní fíláásìdì àti pilasimolísíìsì jẹ́ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ fíláásìdì ni ìgbà tí omi ti dín kù débi pé sẹ́ẹ̀lì ò ti ògiri ẹ̀ mọ́, pilasimolísíìsì sì ni ìgbà tí awọ wá já kúrò lára ògiri. Ó tún kọ pé "koǹsẹntiréṣọ̀nù ga níta." Koǹsẹntiréṣọ̀nù kí ni? Tó bá jẹ́ ti iyọ̀, ó tọ̀nà, tó bá jẹ́ ti omi, ó dorí kodò. Èmi tí mò ń kà á ni mo bá a parí gbólóhùn yẹn lọ́kàn ara mi, mo sì fún un ní máàkì ohun tí kò kọ. Ní báyìí, ohun tó wà lórí ìwé nìkan ni mò ń máàkì. Àwọn méjèèjì gba 3 nínú 5, torí ẹni tó gba 9 kò dárúkọ wọ́tà poténṣà àti fíláásìdì.

Àwòrán wá ni mo ti ṣìnà jù. Ti ẹni tó gba 16 rẹwà, ó fi kọ́lọ̀ sí i, ó ṣe ṣédíìnì, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló yà, kò ya èyí tí kò tíì wọ omi iyọ̀ tí a ó fi wé e, fákúòlù ẹ̀, ìyẹn àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì, sì tóbi bíi ti sẹ́ẹ̀lì tó mu omi yó. Mo wá mú pẹ́ńsù, mo tọ ìlà lébẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ títí dé orí ẹ̀. Ìlà tó kọ "awọ sẹ́ẹ̀lì" sí, orí ògiri ló dúró sí. Nígbà tí mo ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán ó dà bíi pé ó tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìbéèrè yẹn dá lórí bí awọ ṣe ń fi ògiri sílẹ̀! Àlàfo tó wà láàrin awọ àti ògiri ńkọ́? Ó kọ "afẹ́fẹ́" sí i. 3 nínú 6. Ẹni tó gba 9 ya sẹ́ẹ̀lì méjì pẹ̀lú pẹ́ńsù lásán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já, ògiri dúró bó ṣe wà, awọ ti sún sínú, fákúòlù ti kéré, lébẹ́ẹ̀lì kan péré ni kò sí. 5.

Ní ti àlàyé, ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mo máa ń bi ìwé náà pé "kí ló fà á?" Tí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bá dáhùn, àmì rere. Ẹni tó gba 16 kọ ojú ìwé mẹ́ta, àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin ló gbà sọ pé omi ń jáde, ó sì ní sẹ́ẹ̀lì "fẹ́" kí omi dọ́gba. Sẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ nǹkan kan, ìyẹn kì í ṣe ìdí. 3 nínú 9. Ẹni tó gba 9 lo ojú ìwé kan ààbọ̀: ó ní omi ń lọ ó ń bọ̀ nínú awọ náà, àmọ́ èyí tó ń jáde ló pọ̀ jù torí iyọ̀ tó wà níta, torí náà fákúòlù ń sún kì, kò sí ohun tó ń ti ògiri mọ́, ògiri le kò lè bá wọn sún, awọ nìkan ló já wọlé. Kò dárúkọ fíláásìdì, àmọ́ ó ṣàlàyé ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ya máàkì ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ sí ti àlàyé. 7.

Ẹ rò ó pọ̀: ẹni tó gba 9 di 15, ẹni tó gba 16 di 9. Mo pe àwọn méjèèjì, mo fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, mo sì tọrọ àforíjì, lẹ́yìn náà mo tún gbogbo ìwé tó kù máàkì. Àwòrán gbogbo wọn ni mo kọ́kọ́ máàkì, kí n tó padà sórí àlàyé, kí ẹwà ìkan má baà ran èkejì. Nígbà tí mo parí, mo padà sórí márùn-ún àkọ́kọ́, méjì nínú wọn ni mo ti le mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ "afẹ́fẹ́" yẹn, mo bá a nínú ìwé tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé èmi ni mi ò kọ́ wọn dáadáa. Omi iyọ̀ tó wà níta ló kún inú àlàfo náà, torí ògiri sẹ́ẹ̀lì kì í dá iyọ̀ dúró, awọ ló ń dá a dúró. Nígbà tí a padà sí kíláàsì mo lo àlùbọ́sà pupa lábẹ́ màíkíróskóòpù, torí àwọ̀ pupa ẹ̀ wà nínú fákúòlù. Wọ́n ń wò ó bí pupa náà ṣe ń sún kì tó sì ń ṣú sí i, tí ẹ̀gbẹ́ ògiri sì ń funfun. Ọmọ tó kọ "afẹ́fẹ́" ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní, "Sà, omi iyọ̀ yẹn ló wọlé síbẹ̀."