Aago mẹ́jọ kì í ṣe wákàtí mẹ́jọ

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń túmọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ fún ilé ìwòsàn bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ti òní ránṣẹ́.

Oògùn ibà ni, hóró mẹ́rin mẹ́rin fún àgbàlagbà tó bá wọn tó kílò 35 sókè. Ohun tí apòògùn kọ ni pé kí aláìsàn lo mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, kó lo mẹ́rin nígbà tí wákàtí mẹ́jọ bá pé, lẹ́yìn náà mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

Ẹ lo 4 báyìí, 4 ní aago 8, lẹ́yìn náà 4 láàárọ̀, 4 lálẹ́, ọjọ́ 2.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ìyàtọ̀ aago àti wákàtí. Tí lẹ́tà ẹ tàbí ọ bá ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, àmì 160 tí à ń rí lò máa ń já sí 70, ẹ́ tó ní ohùn lórí sì ń jẹ àmì méjì. Ọ́fíìsì ò fẹ́ san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì fún iṣẹ́ kan. «Lẹ́yìn wákàtí 8» ni mo kọ́kọ́ kọ, ó wá di àmì 71. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí «ní aago 8», ó di 65, inú mi dùn. Bí mo bá yọ àmì ìdánudúró ìparí nìkan ni, 70 géérégé ni ì bá jẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni Mama tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà lo mẹ́rin àkọ́kọ́. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, bí àtẹ̀jíṣẹ́ mi ṣe wí, wọ́n gbé mẹ́rin mìíràn mì. Hóró mẹ́jọ láàárín wákàtí méjì! Kò pẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bì, tí òòyì ń kọ́ wọn. Ìwé tó bá oògùn náà wá sì sọ pé bí èèyàn bá bì kí wákàtí kan tó pé, kó tún lò ó. Mama ti ka mẹ́rin mìíràn sí àtẹ́lẹwọ́, ọmọ wọn ló gbà á, tó pe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí, ohùn Mama ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀: «Ṣebí aago mẹ́jọ lẹ ní kí n lò ó?» Mi ò rí ọ̀rọ̀ fọ̀. Ilé ìwòsàn dá wọn dúró mọ́jú, ara wọn ti yá.

Ní báyìí, mi ò fi ìṣírò kankan sílẹ̀ fún aláìsàn mọ́. Mo ń bèèrè aago tí wọ́n lo ti àkọ́kọ́, apòògùn á ṣírò ìyókù, èmi á kọ aago àti ọjọ́. Fún Mama, ohun tó yẹ kí n kọ ni: Ajé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́; òru Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun, aago méjì; Ìṣẹ́gun, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́; Ọjọ́rú, mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́; Ọjọ́bọ̀, mẹ́fà àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, hóró 24. Ẹ wò ó, «láàárọ̀, lálẹ́» tí mo kọ ì bá mú wọn lo ti Ìṣẹ́gun láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló yẹ. Àṣìṣe méjì nínú ìlà kan! Ó gba àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta, kí ọ́fíìsì san án.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìpadàwá. Tí ẹ bá kọ «ẹ padà wá ní ọjọ́ mẹ́ta» lọ́jọ́ Ajé, dókítà ní Ọjọ́bọ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n àgbà á ka Ajé mọ́ ọn, á dé ní Ọjọ́rú. Bí a ṣe ń ka ìjẹta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la sì ń ka ọjà ọrún. Ẹ kọ Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ kọ déètì rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ aago.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo ń fún ẹnì kan tí kò rí ti apòògùn kà. Mi ò ní bi í bóyá ó yé e, torí gbogbo èèyàn ló máa ń ní ó yé àwọn. «Aago wo lo máa lo èkejì?» ni mo ń bi í. Lánàá, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ yẹn han àbúrò mi, mo bi í bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, «Mẹ́jọ alẹ́.»