"Ó ń kà á" àti "ó kà á" nínú ìtàn iṣẹ́ ẹni

Ọjọ́rú, lálẹ́

Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló gba ọ̀sán mi lónìí, kò sì dùn mí. Àbúrò mi kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Ìbàdàn fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi àpérò àwọn olùkọ́ èdè. Àwọn tó pè é ní kí ó fi ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ní ṣókí, ní èdè Yorùbá, kí atọ́kùn ètò lè kà á sí etí ìgbọ́ àwọn èèyàn kí ó tó bọ́ sórí pèpéle. Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí mo ṣe ń kà á, ń ṣe ló dà bíi pé gbogbo iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Ohun tó kọ nìyí:

"Mo jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Abẹ́òkúta. Mo ka ìròyìn lórí rédíò. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlera fún àwọn aláboyún. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ti ṣe ètò fún àwọn àgbẹ̀."

Mo pè é kí ó tò ó fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọdún 2011 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ó fi í sílẹ̀ ní 2016. Àsìkò tó ń kọ́ni yẹn náà ló túmọ̀ ìwé ìlera, iṣẹ́ yẹn sì ti parí. Ó dé ilé-iṣẹ́ rédíò ní 2017, ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ó dá ètò àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2019, ètò náà ṣì ń lọ, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń darí rẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́, oṣooṣù ni wọ́n ń pàdé.

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó kọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò gbà pé olùkọ́ ìṣirò ni títí di òní, pé ó ti ka ìròyìn rí ṣùgbọ́n ó ti fi í sílẹ̀, àti pé ìwé àwọn aláboyún ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí wọ́n pè é sí àpérò gan-an ni gbólóhùn rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì dá iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ padà fún un.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ irú nǹkan yìí. Nínú èdè yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ìrísí bí iṣẹ́ bá ti di ti àná. Tiwa kì í pààrọ̀. "Ka" ni "ka" lánàá, "ka" náà ni lónìí. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ti rí i tipẹ́, wọ́n sì ní orúkọ fún un tó wù mí púpọ̀: àsìkò afànámónìí, èyí tó fa àná mọ́ òní. Ohun tó ń ya àná sọ́tọ̀ sí òní nínú gbólóhùn Yorùbá ni irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lò, ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣáájú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àkókò tí a gbé síbẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo kọ́kọ́ fi hàn án. Bí mo bá sọ fún un pé "mo jẹ iyán," ó mọ̀ pé mo ti jẹ ẹ́ tán. Bí mo bá sọ pé "mo fẹ́ràn iyán," kò ní bi mí pé ìgbà wo ni mo kórìíra rẹ̀. "Jẹ" jẹ́ ohun tí a ṣe, nítorí náà, tó bá dá dúró, àná ni à ń gbọ́. "Fẹ́ràn" jẹ́ ipò tí a wà, tó bá dá dúró, òní ni. "Mọ̀," "ní," "wà" àti "jẹ́" wà lápá kejì yìí. Ìdí nìyí tí "mo jẹ́ olùkọ́" fi ń sọ ti òní bí kò bá sí ohun mìíràn tó dá a dúró. "Mo ka ìròyìn" ń sọ ti àná fún ìdí kan náà.

Ó ní ṣé kí òun kàn fi "tẹ́lẹ̀" kún un, "mo jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tẹ́lẹ̀." Kò burú, àmọ́ n kò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Ìparí gbólóhùn ni "tẹ́lẹ̀" ń dé, lẹ́yìn tí olùgbọ́ ti gbé olùkọ́ sọ́kàn tán. Ó tún ń fà wá lọ síbi gómìnà tẹ́lẹ̀rí, bí ẹni pé oyè ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ó sàn kí a fi "jẹ́" sílẹ̀, kí a mú ọ̀rọ̀ ohun tí a ṣe: "mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Abẹ́òkúta láti ọdún 2011 sí 2016." Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti parí iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọdún sì jẹ́rìí sí i.

Ti ìròyìn, "ń" ló sọnù níbẹ̀. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́, fóònù ló gbé e mì. Mo gbà á gbọ́, nítorí "ń" kékeré yẹn ni ojú àti ọwọ́ máa ń fò jù. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jẹ́ "èmi," etí ṣì lè gbà á là, torí pé ohùn "mo" máa ń lọ sílẹ̀ níwájú "ń": "mò ń kà á," "mo kà á." Ṣùgbọ́n atọ́kùn ètò kò ní sọ "mo," "ó" ni yóò sọ, ohùn "ó" kì í yí padà. "Ó ń ka ìròyìn," "ó ka ìròyìn." "Ń" nìkan ló dúró láàárín ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tó ti lọ. Bí atọ́kùn bá sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ pè é ní "wọ́n," bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nítorí náà, mo ní kí a má gbẹ́kẹ̀ lé "ń" nìkan fún iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Kí a fi ọdún àti "ti ń" dè é mọ́lẹ̀: "láti ọdún 2017 ló ti ń ka ìròyìn." "Ti ń" yìí, èyí tí ìwé gírámà ń pè ní aṣetán ìbẹ̀rẹ̀, ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ti kọjá ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì dáwọ́ dúró. Bí a bá yọ "ń" kúrò, tó ku "ó ti ka ìròyìn," iṣẹ́ ti tán nìyẹn.

Ibi tó ti bá mi jiyàn ni ti ìwé àwọn aláboyún. Ó ní, "Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n, nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Ń" kì í sọ pé báyìí ni, ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò tí a ń wí. "Nígbà tí mò ń kọ́ni, mo tún ń túmọ̀ ìwé" tọ̀nà pátápátá, àná sì ni. Bí "máa ń" náà ṣe rí nìyẹn, ó lè jẹ́ ìṣe tó ti di bárakú lónìí, ó lè jẹ́ ti ìgbà èwe. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí àkókò kankan nínú ìpínrọ̀ tirẹ̀ tí "ń" lè rọ̀ mọ́, nítorí náà òní ló rọ̀ mọ́. Nínú ìpínrọ̀ kúkúrú tí wọ́n fẹ́ kà sókè, mo yàn án pé kí iṣẹ́ tó ti parí má ní "ń" rárá. Bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó lójoojúmọ́, ó lè sọ ọ́ nígbà tó bá dé orí pèpéle.

Ètò àwọn àgbẹ̀ ló gbà wá lákòókò jù. Inú iṣẹ́ òní ló wà, síbẹ̀ ohun tó ṣe níbẹ̀ ti parí. Kò fẹ́ kí a sọ pé òun "dá ètò sílẹ̀" bí ẹni pé ètò náà ti kú. Mo ní kí a pín in sí méjì. Dídá sílẹ̀ ní 2019 jẹ́ ti rẹ̀, ó ti ṣe é tán, kí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ dá dúró. Ètò náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, kí a fún un ní "ṣì ń lọ." Ẹni tó ń darí rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní ohun tó ń lọ lọ́wọ́ àti ohun tó ti parí nínú, kò yẹ kí a fi "ń" bo gbogbo rẹ̀ nítorí pé a ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá ku ètò gbólóhùn. Bí a bá ti dá àkókò kan nínú Yorùbá, gbogbo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló ń gbé abẹ́ rẹ̀ títí àkókò mìíràn yóò fi dé. Bí a bá sọ ti ọdún 2019 kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ olóṣooṣù, olùgbọ́ lè gbé wọn lọ sí 2019. Mo gbé àwọn ọ̀dọ́ ṣáájú, mo sì fi "kí ó tó dé ìdí iṣẹ́ rédíò" ṣe ojú ọ̀nà padà sí àná. Báyìí ló ṣe dúró:

"Láti ọdún 2017 ló ti ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Ìbàdàn. Oṣooṣù ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òun ló dá ètò àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2019. Ètò náà ṣì ń lọ, ẹlòmíràn ló sì ń darí rẹ̀ báyìí. Kí ó tó dé ìdí iṣẹ́ rédíò, ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Abẹ́òkúta láti ọdún 2011 sí 2016. Láàárín àkókò yẹn náà ló túmọ̀ ìwé ìlera fún àwọn aláboyún."

Mo ní kí ó kà á sókè fún ọkọ rẹ̀, kí ó sì bi í pé èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ló ṣì wà lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó lọ kà á fún aládùúgbò wọn kan. Ìyẹn ní ìròyìn àti àwọn ọ̀dọ́. Ó tún dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "ètò àgbẹ̀ yẹn náà wà, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń ṣe é." Inú mi dùn sí èyí ju bí ẹni tó gba owó iṣẹ́ lọ.

Ó ní òun yóò fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà mìíràn. Mo sọ ohun tí yóò tún ṣe fún un bí ó bá kúrò ní rédíò lọ́jọ́ kan. "Láti ọdún 2017" yóò gba ọdún ìparí lẹ́yìn rẹ̀, "ló ti ń ka" yóò di "ló fi ka." Bí àwọn ọ̀dọ́ bá tẹ̀ lé e lọ, kí ó fi "ń" wọn sílẹ̀, kí ó sì gbé gbólóhùn wọn kúrò lábẹ́ ọdún rédíò. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé e, kí ó yọ ọ́. "Òun ló dá ètò àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀" kò ní yí padà, ṣùgbọ́n kí ó bèèrè ní ilé-iṣẹ́ náà bóyá ètò ṣì ń lọ kí ó tó fi "ṣì" síbẹ̀.