Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹnu ilé ọmọ yín kí ẹ tó ra oògùn

Obìnrin tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ sùn, tí kì í sì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, kẹ́mísì ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ìyá alágbo, tàbí ilé àyẹ̀wò tí yóò ti ní kí wọ́n bá òun wo "tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n". Èmi gba ti ilé àyẹ̀wò. Ohun tí mo wá mọ̀ nígbà tó yá ni pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ní ojú ibi tó ti ń jáde, ibẹ̀ sì ṣeé fi ojú rí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wo ibẹ̀, èsì yòówù tó wà lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi kò pọ̀. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó kàn máa ń kan aṣọ tí mo bá fi nu ara ni, kò sì sí ìrora kankan. Nǹkan oṣù mi ń wá déédéé. Mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti bímọ, n kò sì sí lórí ìfètòsọ́mọ́bíbí. Mo sọ ti ìfètòsọ́mọ́bíbí nítorí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ nígbà tí èèyàn kò retí rẹ̀, obìnrin á sì rò pé ìbálòpọ̀ ló fà á. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú yín bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn.

Ní ilé àyẹ̀wò tí mo lọ, wọ́n fi òwú orí igi fa omi ojú ara mi, àyẹ̀wò tí wọ́n ń kọ HVS sí lórí ìwé. Èsì rẹ̀ dé: "sítáfù". Ẹ ò ní rí obìnrin mẹ́wàá ní ọjà Wàsò kí ẹ má rí èyí tí wọ́n ti bá sítáfù lára rẹ̀ rí! Kòkòrò yìí sì wà lára awọ àti nínú ihò imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ṣàìsàn. Bí wọ́n bá rí i nínú omi ojú ara, kò túmọ̀ sí pé òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ àti oògùn olówó gọbọi fún mi. Mo lò ó tán, ẹ̀jẹ̀ náà kò lọ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ńlá, mo na ìwé èsì náà sí i. Kò tilẹ̀ tíì kà á tó fi bi mí pé, "Ìyá Ṣadé, ṣé wọ́n ti fi irin wo inú yín nítorí ẹ̀jẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Rárá mà, òwú ni wọ́n fi fà á."

Ó ní, "Òwú ò lójú, mà. Ẹ gun bẹ́ẹ̀dì."

Irin tó ń sọ yẹn, spẹ́kúlọ̀m, a máa là bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n á rọra fi sí ojú ara, wọ́n á là á, wọ́n á sì tan iná sí i títí wọn ó fi rí ẹnu ilé ọmọ kedere. Kì í sábà dunni bí ẹ kò bá fún ara yín pọ̀; ó kàn tutù, ó sì ń ti èèyàn lójú díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi parí. Ohun tó rí ni pé ẹnu ilé ọmọ mi wú, ó pọ́n, ọyún aláwọ̀ yẹ́lò sì ń ti inú ihò rẹ̀ yọ. Ó fi òwú kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Ibi tó ti ń wá nìyí." Awọ tó wà nínú ihò ẹnu ilé ọmọ fẹ́lẹ́ gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí kòkòrò bá mú kó wú, nǹkan ọkùnrin tó bá kàn án ti tó láti mú kó ṣẹ̀jẹ̀.

Kòkòrò méjì ló sábà máa ń wà nídìí irú èyí: kílámídíà, àti kòkòrò àtọ̀sí. Inú sẹ́ẹ̀lì alààyè ara èèyàn ni kílámídíà máa ń gbé, kò lè hù nínú àwo tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò ní ilé àyẹ̀wò. Ìdí nìyẹn tí HVS fi lè sọ pé kò sí nǹkan kan, tàbí kó dárúkọ sítáfù, nígbà tí kílámídíà jókòó síbẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń mú un ni èyí tó ń wá àbùdá inú kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi òwú fà á fúnra yín láti ojú ara, kò dìgbà tí ẹlòmíì bá fà á. Irú ẹ̀rọ kan tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ṣe é bí wọ́n bá ní èròjà rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè. HVS náà ní ìwúlò tirẹ̀ o: bí wọ́n bá tètè wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi nígbà tó ṣì tutù, ó lè fi tirikómónà hàn, èyí tó máa ń fa omi tó ń hó tó sì ń rùn, tí òun náà sì lè mú ẹnu ilé ọmọ ṣẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kí n ṣe àyẹ̀wò oyún, nítorí pé wọn kì í fún aboyún ní dọ́kísáíkílìn. Kò sí oyún. Ó gba òwú fún àyẹ̀wò, dókítà sì ní kí a má dúró de èsì: abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan fún àtọ̀sí, àti dọ́kísáíkílìn 100 mg láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7 fún kílámídíà. Omi púpọ̀ ni kí ẹ fi gbé e mì, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bó ọ̀nà ọ̀fun yín. Èsì dé lẹ́yìn náà: kílámídíà wà níbẹ̀, àtọ̀sí kò sí.

Ibi tó le ni kí n sọ fún ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Ṣadé, wọ́n ní kí ẹ̀yin náà wá gba oògùn." Ó ní, "Oògùn kí ni? Ṣé ẹ rí i pé nǹkan kan ń ṣe mí ni?" Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ohun tí nọ́ọ̀sì ti sọ ni mo sọ fún un: kílámídíà lè wà lára ọkùnrin tàbí obìnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfi ara rẹ̀ hàn, kò sì sí àyẹ̀wò tó lè sọ ọjọ́ tó wọlé tàbí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá. Mo ní kó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lọ, ó sì gba oògùn tirẹ̀. Tirẹ̀ ni mo wí o! Tọkọtaya tó bá pín páálí kan lò, ìlàjì ni kálukú wọn lò, kòkòrò sì lè má kú lára ìkankan wọn. Wọ́n ní kí a má sùn pọ̀ títí àwa méjèèjì fi lo ọjọ́ 7 náà pé, kí n sì padà wá ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí pé kò ṣòro kó tún padà wọlé. Nígbà tí mo padà lọ, kò sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún fi irin wò mí. Ọyún ti lọ, àmọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ihò yẹn yọ síta, ó sì yí ẹnu ilé ọmọ ká. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́, aboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn oníhóróò fún ìfètòsọ́mọ́bíbí, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án àfi tó bá ń yọni lẹ́nu. Síbẹ̀ nọ́ọ̀sì kò kàn fi ojú lásán sọ pé kò léwu. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá fáírọ́ọ̀sì HPV, òun ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Wọn kò rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin máa ṣe àyẹ̀wò yìí láti ọmọ ọdún 30, ní ọdún 5 sí 10 síra. Ẹni tó ní HIV, láti ọmọ ọdún 25, ní ọdún 3 sí 5 síra.

Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò rí báyìí. Nǹkan oṣù wọn ti dúró láti ọdún mélòó kan nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, wọ́n sì ń sọ pé ara àwọn tún ń padà di ti ọ̀dọ́. Nígbà tí wọ́n fi irin wò wọ́n, ẹran kan tó rí ságisàgi wà lẹ́nu ilé ọmọ. Wọn kò fi ọtí kíkan kùn ún láti wá àmì jẹjẹrẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn tí ara wọn dá, wọn kò sì ha ojú rẹ̀ lásán lọ fún ilé àyẹ̀wò. Wọ́n gé tín-ín-rín lára ẹran náà. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn àyẹ̀wò méjì yẹn wà fún ẹni tí kò ní àmì kankan. Bí ẹran bá ti hàn, èyí tí wọ́n bá ha lójú rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti òkú ara nìkan, èsì á sì ní kò sí nǹkan kan. Jẹjẹrẹ ni ó jẹ́, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti gba ìtọ́jú onítànṣán. Ojú ara tó gbẹ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró lè bó kó sì ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn wọ́pọ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe ìdáhùn láìjẹ́ pé wọ́n ti wò ó.

Nítorí náà, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ẹni tó ní HIV, ẹni tí omi olóòórùn ń dà lára rẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, kó lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin tó kù, bó bá ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ lọ. Aboyún tó bá rí ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fi sikáànì wo ibi tí ibi ọmọ wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì gbingbin láàárín wákàtí kan, ó lè jẹ́ pé ojú ara ti ya; ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Kí ẹ tó lọ, ẹ má fi álọ́ọ̀mù tàbí omi gbígbóná fọ inú, ẹ má ki oògùn kankan bọ̀ ọ́, ẹ má sì sùn pẹ̀lú ọkọ yín fún bí ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má ní tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ló ń ṣe yín, torí òwú náà ni wọn ó tún mú. Ẹ sọ pé: "Ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde lára mi tí èmi àti ọkọ mi bá sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irin wo ẹnu ilé ọmọ mi."