Káàdì mọ́kànlá látinú fótò kan

Ọjọ́ kìíní. Fótò ẹgbẹ́ wa ló wà níwájú mi: mẹ́fà dúró lẹ́yìn, márùn-ún lóṣòó níwájú. Mo fẹ́ sọ ọ́ di káàdì bíi ti géèmù bọ́ọ̀lù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gé kálukú lódindi, àmọ́ orí àwọn tó lóṣòó ti bo ikùn àwọn tó dúró. Mo bá pinnu pé àyà ni n ó ti gé gbogbo wọn.

Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi kò wúlò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 1600, èjìká ẹnì kan kò sì ju 168 lọ níbẹ̀. Mo gba ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó yà á: 4000, èjìká wá di 420. Síbẹ̀, àyè fótò tí mo kọ́kọ́ yà sínú káàdì (káàdì fúnra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 63 sí 88) fẹ̀ tó mílímítà 53. Kó tó lè mọ́ kedere lórí ìwé, ó ń fẹ́ bíi píkísẹ́lì 626. Dípò kí n fa fótò títí yóò fi ṣe bàìbàì, férémù ni mo mú nípọn sí i, àyè náà wá ku 42.

Ọjọ́ kẹta. GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe, ni mo fi ń gé e. Ẹni àkọ́kọ́, mo fi ìpawérẹ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́, etí rẹ̀ kan sì bá a lọ! Látìgbà náà, ìbòjú ni mo ń lò: dúdú ń fi ara fótò pa mọ́, funfun ń dá a padà. Ìlà àwọ̀ koríko kan ṣì yí irun gbogbo wọn ká, àfìgbà tí mo sún ìbòjú wọlé ní píkísẹ́lì méjì.

Orí àwọn tó wà níwájú tóbi ju tàwọn tẹ̀yìn lọ, torí wọ́n sún mọ́ kámẹ́rà. Mo fa ìlà méjì sórí férémù, ọ̀kan fún àtàrí, ọ̀kan fún àgbọ̀n, mo sì ń fẹ orí kálukú tàbí kí n dín in kù títí yóò fi bọ́ sáàárín wọn.

Ọjọ́ kẹfà: máàkì. Adènà apá òsì wa gba eré sísá 78, gbígbá sílé 45, pínpín bọ́ọ̀lù 70, gígé èèyàn 66, dídènà 80, agbára 75. Mo ròpọ̀, mo fi mẹ́fà pín in: 69. Inú bí i. “Ṣé èmi ni mò ń gbá bọ́ọ̀lù sílé ni?”

Òótọ́ ló sọ. Fún adènà, mo wá fún dídènà ní ìdá 35 nínú 100, agbára 20, eré sísá 20, pínpín 15, gígé èèyàn 10, gbígbá sílé kò gba nǹkan kan. Ó di 76. Mo ní láti ṣe òdiwọ̀n tirẹ̀ fún ipò kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́lé tilẹ̀ ń fẹ́ orúkọ máàkì mìíràn pátápátá, bíi fífò àti gbígbá bọ́ọ̀lù mú.

Káàdì mẹ́sàn-án ni A4 kan gbà, àyè méje sì ṣẹ́ kù lórí ìwé kejì. Kóòṣì ti ní òun fẹ́ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú fótò.